Ìńsítọ́ọ̀lù 700, ọ́dà 9: ṣé kí n kúrò lórí "Install volume" ni?

Onígáàsì Ọ́ńdà Jí
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, orí mi ti dàrú. Mo ní áàpù kékeré kan táa fi ń gbé gáàsì ìdáná lọ bá èèyàn nílé, Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan la wà, láti Ọ́ńdà Jí dé Takie dé Sàbó, wọ́n á fi áàpù pè wá, a ó wá gbé sílíńdà wọn, a ó lọ rọ gáàsì sí i, a ó gbé e padà. Áńdírọ́ìdì nìkan ni. Mo polówó ẹ̀ lórí Gúgù fún ọ̀sẹ̀ méjì, 15,000 náírà lójúmọ́, "Install volume" ni mo yàn, mo ní mi ò fẹ́ kí ìńsítọ́ọ̀lù kan ju 300 náírà lọ. Wọ́n sì wá a lóòótọ́ o, èèyàn 700 ló dáńlódù ẹ̀. Inú mi ti ń dùn, mo ti ń sọ fún ìyàwó mi pé ká ra kẹ̀kẹ́ kejì, àfi bí mo ṣe lọ wo ọ́dà tí mo bá mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án péré! 210,000 náírà ti wọgbó.

Àjẹ́ńsì kan n'Ìbàdàn wá ní kí n yí i sí "In-app actions" kí n sì mú `purchase`, pé Gúgù fúnra ẹ̀ á máa wá àwọn tó ń rà. Ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ ìpolówó náà á kàn dákẹ́ ni. Bí àwọn 700 yẹn ṣe rìn rèé: 420 forúkọ sílẹ̀, `address_saved` jẹ́ 168, ìyẹn ni ìgbà téèyàn bá fi àdírẹ́sì ilé ẹ̀ pamọ́, 9 ló sanwó. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Táíwò Ádì
Àjẹ́ńsì yẹn ló gba tìẹ rò. Ìńsítọ́ọ̀lù ò ṣeé jẹ. Ohun tóo bá ní kí Gúgù wá ló máa wá, o ní kó wá ẹni tó ń dáńlódù, àwọn tó ń dáńlódù gbogbo nǹkan tí wọ́n bá ti rí ló kó wá fún ẹ. Lọ mú `purchase` tààrà jàre.

Bọ̀dá Dáàtà
Táíwò, ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ dáa, ìdajì ló máa pa á. Òótọ́ ni pé ohun tó ní kí wọ́n wá ni wọ́n wá fún un. Ṣùgbọ́n kí Gúgù tó lè mọ irú ẹni tó máa ń ra gáàsì, ó gbọ́dọ̀ ti rí wọn, kó rí wọn lọ́pọ̀, kó sì máa rí wọn lójoojúmọ́. Àwọn fúnra wọn ní kéèyàn mú nǹkan tó kéré tán èèyàn mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń ṣe nínú áàpù lójúmọ́, kí bọ́jẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan sì tó ìlọ́po mẹ́wàá iye téèyàn fẹ́ san lórí ẹyọ kan. Ọmọ yìí ní mẹ́sàn-án ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọ́dà kan ná an ju 23,000 lọ. Tó bá mú `purchase`, á ní láti máa kó 230,000 sílẹ̀ lójúmọ́ kó tó bá ìlànà yẹn mu. Tó bá wá fi 2,000 sí Target CPA, ìyẹn iye tó fẹ́ san lórí ẹyọ kan, nítorí pé ìyẹn ló wù ú, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé ìpolówó ò ní jáde, owó ò ní lọ, òun á máa rò pé àkáǹtì òun ló bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ ẹ tó ní á dákẹ́ yẹn, ó mọ ohun tó ń sọ.

Ohun tó yẹ kóo wá ni nǹkan kan tó wà láàárín ìńsítọ́ọ̀lù àti owó. Kó sún mọ́ owó tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó kàn ń ṣeré ò ní ṣe é, kó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Gúgù á fi rí nǹkan kọ́. Nínú àwọn tóo kà sílẹ̀, `address_saved` ló jọ ọ́ jù. 168 sí ọjọ́ 14, méjìlá lójúmọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn ń kọ mí lóminú díẹ̀. Dá mi lóhùn ìbéèrè méjì kóo tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Àkọ́kọ́, ibo lo ní kí ìpolówó ti máa jáde? Ìkejì, lọ sí Firebase, níbi tí Gúgù ti ń ka ohun tí èèyàn ń ṣe nínú áàpù, wá `address_saved` níbi Events, "Event count" àti "Total users" wà níbẹ̀, mélòó ló wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ọmọ Sítádíọ̀mù
Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wàhálà yìí kọ́. Mo lè bá yín kó ọmọ LAUTECH 200 jọ, ẹ fún wọn ní 100 náírà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, wọ́n á dáńlódù ẹ̀, wọ́n á forúkọ sílẹ̀, wọ́n á fún yín ní sítáà márùn-ún. Ọjọ́ méjì péré.

Bọ̀dá Dáàtà
Àbúrò, má fi ìyẹn kó o sí wàhálà. Play Store lòdì sí i, wọ́n lè yọ áàpù náà kúrò. Ọ̀rọ̀ pé ọ́dà ò tó ló bá wa délé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé èèyàn ò dáńlódù.

Màmá Alájọ
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀yọ́ ni mo wà, lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán, áàpù àjọ lèmi àti ọmọ mi ń ṣe. Àwa náà ṣe "In-app actions" lọ́dún tó kọjá, a mú "ẹni tó kó àjọ pé oṣù kan". Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ẹni tó dáńlódù lónìí, oṣù tó ń bọ̀ ni Gúgù máa tó gbọ́ pé ó dáa! Owó ti tán ká tó rí ẹyọ kan. Ọmọ mi wá yí i sí ẹni tó dá owó àkọ́kọ́, ìyẹn sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan sí ọjọ́ mẹ́ta, ibẹ̀ ni nǹkan ti rọ̀ wá lọ́rùn. Àdírẹ́sì dáa níbi tiẹ̀ náà torí ọjọ́ téèyàn bá dáńlódù ló máa ń kọ ọ́. Owó gáàsì, tí sílíńdà ò bá tíì tán ńkọ́?

Onígáàsì Ọ́ńdà Jí
Màmá ẹ ṣé, mi ò tiẹ̀ ronú kan ìyẹn pé ẹni tó dáńlódù lè ṣì ní gáàsì nílé.

Bọ̀dá, ojú tì mí o. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lódindi ni mo yàn. Mo rò pé tó bá gbòòrò á dín owó kù. Mo wá lọ wo ibi ìforúkọsílẹ̀, a máa ń bi wọ́n pé àdúgbò wo ni wọ́n wà, nínú 420, 250 ló mú "ibòmíràn". Ìbàdàn ni gbogbo ẹ̀ á jẹ́. Ìkejì: "Event count" 168, "Total users" 98. Kí ló dé tí wọn ò bára mu?

Bọ̀dá Dáàtà
Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Èèyàn 98 ló tẹ̀ ẹ́ nígbà 168. 98 sí ọjọ́ 14, méje ni lójúmọ́, kì í ṣe méjìlá. Tóo bá gbé 210,000 lé e, 2,143 náírà ni àdírẹ́sì kan ń ná ẹ, 15,000 ẹ ò sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn, méje ló wà. Ká ní o fi 1,250 sí Target CPA torí pé 168 lo rí, o ti sọ fún Gúgù pé kó wá ohun tí kò sí lọ́jà ní iye yẹn.

Béèrè lọ́wọ́ dẹfẹ́lọ́pà ẹ pé ibo ló ki ífẹ́ǹtì yẹn sí. Mo lè búra pé abẹ́ bọ́tìnnì ló wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, èèyàn tẹ "Fi pamọ́", kò lọ, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà. Lẹ́yìn tí sáfà bá ti dáhùn pé ó ti wọlé ló yẹ kó wà:

```
repo.saveAddress(addr).addOnSuccessListener {
    Firebase.analytics.logEvent("address_saved", null)
}
```

Kóo tún lọ sí Google Ads, níbi "Count" fún ífẹ́ǹtì yẹn, mú "One", kó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ka ẹni kan tó bá tún àdírẹ́sì ẹ̀ kọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, má tíì kúrò lórí ìńsítọ́ọ̀lù. Ní kí ìpolówó máa jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan, yọ Ìbàdàn kúrò. Ìńsítọ́ọ̀lù á wọ́n sí i torí ìlú kékeré ni, má bẹ̀rù, gbé 300 yẹn sí 360, má jù ú lọ, téèyàn bá ń fo ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan Gúgù lè tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì. Tí èèyàn gidi tó ń fi àdírẹ́sì pamọ́ bá ti kọjá mẹ́wàá lójúmọ́, ìgbà yẹn ni kóo ṣí kámpéènì tuntun lórí "In-app actions", kóo fi iye tí àdírẹ́sì kan ń ná ẹ nígbà yẹn gan-an ṣe Target CPA, má fi èyí tó wù ẹ́.

Táíwò Ádì
Fesibúùkù ní nǹkan bí 50 lọ́sẹ̀ kan ló ń fẹ́ lórí ọ̀wọ́ ádì kan. Méje lójúmọ́ jẹ́ 49, ó kù ẹyọ kan, ṣé kò kúkú lọ síbẹ̀?

Bọ̀dá Dáàtà
Ó lè lọ. Ṣùgbọ́n nínú méje yẹn, mélòó ló jẹ́ ará Ìbàdàn? Kó kọ́kọ́ gbá ilé ẹ̀ mọ́.

Onígáàsì Ọ́ńdà Jí
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti tó ọjọ́ 19, mo ní kí n wá jábọ̀. Abẹ́ bọ́tìnnì ló wà lóòótọ́, dẹfẹ́lọ́pà kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ó ti tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì lórí Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan: ìńsítọ́ọ̀lù 41 lójúmọ́, dípò 50, èèyàn tó fi àdírẹ́sì pamọ́ lé díẹ̀ ní mọ́kànlá, ọ́dà 23. Àdírẹ́sì kan wá ń ná mi bíi 1,300. Mo wá ṣí ti "In-app actions" pẹ̀lú 1,300, mo dá ti àkọ́kọ́ dúró. Lọ́jọ́ márùn-ún, ìńsítọ́ọ̀lù já wálẹ̀ sí 18 lójúmọ́, àyà mi já, mo fẹ́ pa á, ìyàwó mi ló ní kí n fi sílẹ̀. Ọ́dà 11 ló wọlé láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn. Ẹ̀yin àgbà, ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?

Bọ̀dá Dáàtà
Ìńsítọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ já, má wo ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò ní parọ́ fún ẹ: láti mẹ́sàn-án sí 23, Ìbàdàn tóo yọ kúrò ló ṣe pátápátá ẹ̀, ífẹ́ǹtì ò mọ̀ sí i. 11 lọ́jọ́ márùn-ún dáa ju 23 lọ́jọ́ 14 lọ, àmọ́ ó kéré jù láti búra lé lórí. Ìparí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ iléèwé bá se ẹ̀wà lè fa ọ́dà mẹ́ta. Tí LAUTECH bá tún lọ sinmi, gbogbo ohun tí Gúgù ti kọ́ nípa àwọn oníbàárà ẹ, àwọn ọmọ tí ò sí n'ílùú mọ́ ló kọ́ ọ lára wọn. Ìyẹn lèmi náà ò tíì rí ojútùú ẹ̀, àwọn kan ní kéèyàn dá a dúró, àwọn kan ní kó máa lọ.

Màmá Alájọ
Ọmọ mi, èmi ní ìbéèrè kan. 75,000 lóo fi gba ọ́dà 11, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ẹ̀ẹ́ tó 7,000. Èló lèrè ẹ lórí sílíńdà kan?

Onígáàsì Ọ́ńdà Jí
1,200 náírà ni, màmá, lẹ́yìn tí mo bá ti yọ owó bẹntiróòlù kẹ̀kẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ pè wá kí n tó rí owó ìpolówó mi gbà padà. Sílíńdà 12.5 kílò máa ń tó ilé oníyàwó kan bí oṣù kan, nígbà míì oṣù kan àtààbọ̀, àwọn ọmọ iléèwé ò tiẹ̀ ń lo tóbi bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, mẹ́rin ti tún pè wá. Mo ti ní kí dẹfẹ́lọ́pà bá mi fi ífẹ́ǹtì sí ọ́dà ẹlẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe láti fi polówó o, mo kàn fẹ́ máa rí i.