Èrè orí epo pupa nígbà tí iye rírà kò dúró lójú kan

Ìyá Elépo, Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin ará mi, mo rò pé 250 sẹ́fà ni èrè mi lórí lítà epo kan ní ọjà Wàńdó, títí tí mo fi fẹ́ lọ kó ọjà mìíràn, tí owó ọwọ́ mi kò tó. Bídọ́n onílítà 25 kan ló kù nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, 20,000 ni mo rà á pẹ̀lú owó ọkọ̀. Lẹ́yìn náà mo ra mẹ́ta sí i ní 24,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì san 4,500 fún ọkọ̀. Síbẹ̀, 800 àtijọ́ ni mo ṣì ń yọ kúrò nínú 1,050 tí mo ń ta lítà kan. Nígbà tí mo da gbogbo owó pọ̀, ó di 96,500. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń jẹ bíi lítà kan nínú bídọ́n kọ̀ọ̀kan, nítorí náà lítà 96 ni mo lè tà, iye lítà kan sì lé díẹ̀ ní 1,005. Èrè mi kò tó 45.

Alágbàdo, Kétu: Ìyá, ẹ má da ti àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Èmi máa ń kọ ọjọ́ àti iye tí mo rà á sára àpò àgbàdo kọ̀ọ̀kan, èyí tí mo kọ́kọ́ rà ni mo sì ń kọ́kọ́ tà, ní iye àtijọ́, nítorí èrè orí rẹ̀ kò yí padà.

Aláṣírò, Ṣábẹ̀ẹ́: Àbúrò mi, àpò ṣeé yà sọ́tọ̀, epo tí a ti dà sínú àgbá kan kò ṣeé yà, ìṣirò Ìyá tọ̀nà. Ṣùgbọ́n èrè tí a ti jẹ nìkan ni ìṣirò yẹn ń sọ. Bí a bá fẹ́ dá iye títà, iye tí a ó tún fi rà á ni kí á wò: bídọ́n 24,000 àti ọkọ̀ 1,500 jẹ́ 25,500, tí a bá pín in sí lítà 24, ó ju 1,062 lọ. Ìyá ń ta 1,050. Ibẹ̀ ni owó náà gbà lọ, àgbàdo rẹ sì lè bá ọ̀nà kan náà lọ.

Oníṣọ́ọ̀bù, Àjàṣẹ́: Owó ọkọ̀ ló bá tèmi jẹ́. Mo kó àpò ìrẹsì 2 àti páálí bisikíìtì 4, mo san 3,000, mo sì pín in dọ́gba, 500 lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Èrè orí páálí kan jẹ́ 400 kí n tó yọ ọkọ̀, nítorí náà mo rò pé mo ń pàdánù, mo sì fẹ́ fi bisikíìtì sílẹ̀. Nígbà tí mo bi awakọ̀, ó ní 1,000 ni òun gbà lórí àpò, 250 lórí páálí. Ìrẹsì ni mi ò rí èrè rẹ̀ dáadáa.

Ìyá Elépo: Mo ti gbé e sí 1,100, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣì ní epo àtijọ́, 1,000 ló ń tà á. Kí ni ẹ máa ń ṣe bí ó bá rí bẹ́ẹ̀?

Aláṣírò: Epo tirẹ̀ yóò tán, Ìyá, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ bóyá àwọn oníbàárà yín yóò dúró dè yín títí dìgbà náà.