"Ìkà ilẹ̀" àti "òkú ọmọ" nínú ayò góò

Akọ́góò:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń wá ọ̀rọ̀ fún ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ka ayò góò bó bá parí. Ti Ṣáínà ni mo pè ní "ìkà agbègbè", ti Jàpáànù ni "ìkà ilẹ̀". Ọmọ ayò tí kò lè yè mọ́ ni "òkú ọmọ", kómì, iye tí wọ́n ń fi kún ti Funfun nígbà ìkà, sì ni "èènì". Ṣé ó bá a mu?

Ìyá Ìbejì:
Kò bá a mu rárá. Ta ló ń pe "òkú ọmọ" nídìí eré? Bí o bá ti gbé "òkú" ka iwájú "ọmọ", ilé ọ̀fọ̀ lo mú wa lọ yẹn. "Ìkà ilẹ̀" wá ńkọ́? Ẹni burúkú là ń pè ní ìkà. "Kíkà" ni kí o kọ.

Àgbà Atúmọ̀:
Ìyá Ìbejì, ẹ rọra. Ṣé ìkàwé náà burú ni? "Ì-" kò jẹ̀bi. Bàbá tó kọ́ mi ní gírámà kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan mọ́fíìmù kan láì wo èyí tó tẹ̀ lé e. Ní ti ọ̀nà méjì, ẹ má wulẹ̀ ya wọ́n sọ́tọ̀, èsì kan náà ni wọ́n ń mú wá.

Atayò:
Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kì í ṣe nígbà gbogbo, ibi ọmọ tí ẹ ń jà lé lórí yìí gan-an ni wọ́n ti ń yà. Ẹ wo ọpọ́n kékeré, 9 sí 9, oríta 81. Dúdú ta ọmọ 25, Funfun ta 25, kò sẹ́ni tó tíì mú ọmọ ẹnì kejì. Ọmọ Funfun mẹ́ta há sínú ilé Dúdú, kò sí bí wọ́n ṣe máa yè.

Bí Ṣáínà ṣe ń kà á, ọmọ tó wà láàyè àti àyè tó yí ká la jọ ń kà: Dúdú 45, Funfun 36, ó fi 9 jù ú lọ. Ní Jàpáànù, àyè òfìfo àti ọmọ tí a mú nìkan là ń kà. Dúdú ní àyè 20 bí a bá kó àwọn mẹ́ta yẹn kúrò, ó di 23 pẹ̀lú wọn. Funfun ní 14. Ó ṣì fi 9 jù ú lọ. Títí dé ibí, ẹ jàre.

Ṣùgbọ́n ká ní Funfun yarí pé ọmọ òun kò kú. Dúdú ní kí òun mú wọn lójú ẹ̀, ó fi ọmọ mẹ́rin dí wọn pa, Funfun kàn ń fò ó ní tirẹ̀ láì ta ọmọ kankan ni. Lọ́nà Ṣáínà, Dúdú kò pàdánù nǹkan kan, nítorí ọmọ tó fi dí àyè ara rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀: 45 sí 36. Lọ́nà Jàpáànù, àyè mẹ́rin ti lọ: 19 sí 14. Kómì Jàpáànù jẹ́ 6.5. Ẹni tó ń fi 2.5 borí tẹ́lẹ̀ ti fi 1.5 pàdánù. Ìdí nìyẹn tí òfin wọn fi ní kí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan. Bí ó bá di àríyànjiyàn, ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ta á ni wọ́n ń wò, láì ka ọmọ tí wọ́n fi wádìí mọ́ ti ayò.

Nítorí náà, "ọmọ tó há" ni mo fara mọ́. Ó há, ṣùgbọ́n a kò tíì mú un.

Àbúrò:
Ohun tó ṣe mí nìyẹn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì! Mo ń lé ọmọ márùn-ún kiri inú ilé ara mi, ẹnì kejì ń fò ó. Mo rò pé mò ń jèrè ni. Ṣé wọ́n lè dá ayò náà padà fún mi?

Atayò:
Rárá, àbúrò. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, má fèsì àyàfi tí òun náà bá ta sínú ilé rẹ, torí ọmọ tó bá tà síbẹ̀ á padà di tìẹ.

Ìyá Ìbejì:
"Tó há" dáa. Ṣùgbọ́n "èènì" ńkọ́? Bó ṣe wu ọlọ́jà ló ń bu èènì. A ti fi ẹnu kò lórí kómì kí ayò tó bẹ̀rẹ̀, Funfun ló sì ni ín torí pé Dúdú ló kọ́kọ́ ta. "Gbà-má-bínú" ni.

Àgbà Atúmọ̀:
Gbà-má-bínú jẹ́ ti ẹni tí a ṣẹ̀. Ta ló ṣẹ Funfun? "Kómì" ni kí a fi sílẹ̀.

Atayò:
Ó kéré tán, kì í ṣe ohun tí ọwọ́ bù. Lórí ọpọ́n oríta 361, bí oríta kọ̀ọ̀kan bá ti ní ẹni tó ni ín, ìyàtọ̀ lọ́nà Ṣáínà kò lè jẹ́ iye tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba: 5 ni, tàbí 7, tàbí 9. Kómì 5.5 àti 6.5 wá di ọ̀kan náà níbẹ̀. Nígbà tí 5.5 kò tó mọ́, 7.5 ni wọ́n fò sí.

Ìyá Ìbejì:
Bàbá, ẹni tí wọ́n gba ọwọ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé wọn kò ṣẹ̀ ẹ́ ni? Ẹ kò sì tíì dá mi lóhùn lórí "ìkà". Ìkàwé ní "ìwé" nínú. Kí ló wà nínú tiyín?