Ìbéèrè: Báwo ni kí n ṣe dá wàrà ewúrẹ́ mi dúró kí ó tó bímọ?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹlẹ́ran. Ṣakí ni mo wà. Mo ní ewúrẹ́ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Sáánẹ̀n, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ewúrẹ́ pupa Sókótó. Ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ni òbúkọ gùn ún, nítorí náà, bí mo bá ka 150 ọjọ́, ìbímọ rẹ̀ yóò bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù kẹta. Ìdajì lítà lé díẹ̀ ni mo ń fún lára rẹ̀ láàárọ̀, tìrọ̀lẹ́ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bímọ kẹ́yìn, mo ti ń fún un títí di ọ̀sẹ̀ ìbímọ. Wàrà àkọ́fún tí ó yẹ kí ó ki, kí àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí pupa ẹyin, ń ṣàn bí omi ògì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì kò sì lè dìde mu ọmú títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ìgbà wo ni kí n dáwọ́ dúró, báwo ni mo sì ṣe lè ṣe é tí ọmú rẹ̀ kò fi ní bàjẹ́?

Bàbá Olóbùúkọ: Ẹ máa fún un lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fo ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà ọjọ́ méjì. Ẹ gbé omi kúrò níwájú rẹ̀ fún ọjọ́ kan pẹ̀lú, wàrà yóò gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe ń ṣe é.

Ìyá Ìbejì: Tèmi kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mu ọmú rárá, tapá ló máa ń tapá. Mo ní láti so ó mọ́ òpó, kí n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ṣé ohun tí tiyín náà ń ṣe nìyẹn?

Dókítà Ẹranko: Ìyá Ìbejì, ìbéèrè tiyín yàtọ̀ sí èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e wá lọ́tọ̀, kí a lè dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní yìí ni kí ẹ fún un kẹ́yìn, nítorí pé nǹkan bí 60 ọjọ́ ni ọmú nílò láti sinmi, kí ó sì tún ara rẹ̀ ṣe de wàrà àkọ́fún. Bàbá kò jìnnà sí òótọ́, nítorí pé fífo ọjọ́ wúlò fún ewúrẹ́ tí wàrà rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ju lítà kan lọ lójúmọ́, a lè dáwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Kíkún tí ọmú bá kún gan-an ni ó ń sọ fún ara pé kí ó má ṣe wàrà mọ́. Nígbà tí ẹ bá tún fún díẹ̀ kúrò, ṣe ni ẹ ń sọ fún un pé iṣẹ́ ṣì wà.

Oúnjẹ ni kí ẹ fi ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe omi. Láti òní lọ, ẹ máa dín èèrí àgbàdo tí ẹ ń fún un kù, tí yóò fi jẹ́ pé koríko gbígbẹ nìkan ni yóò máa jẹ lọ́jọ́ tí ẹ bá dáwọ́ dúró. Omi kò gbọ́dọ̀ wọ́n ọn nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, pàápàá aboyún.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ẹ fọ ọwọ́, ẹ nu ọmú rẹ̀ kí ó gbẹ, ẹ fún omi wàrà méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́ sínú ife dúdú, kí ẹ lè rí i bóyá ó dì. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un gbẹ pátápátá, kí ẹ ri orí ọmú méjèèjì bọ áyódìn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sùn sí ibi gbígbẹ.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣeun, Dókítà. Mo dán ife dúdú wò nírọ̀lẹ́ yìí: ti ọ̀tún mọ́, ṣùgbọ́n mo rí ègé funfun kékeré méjì nínú ti òsì, bí ìgbà tí wàrà bá fẹ́ kan.

Bàbá Olóbùúkọ: Ẹ ra oògùn inú ọmú, kí ẹ fún un sí méjèèjì. Gbogbo ewúrẹ́ mi ni mo ń fún.

Dókítà Ẹranko: Èmi kò fara mọ́ fífún gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí dókítà tí ó wà nítòsí yín gba wàrà ti òsì fún àyẹ̀wò kí ọjọ́ 8 tó pé, kí a lè mọ oògùn tí ó bá a mu.

Bàbá Olóbùúkọ: Níbo ni wọn yóò ti ṣe àyẹ̀wò náà ní Ṣakí kí ọjọ́ tó pé? Èmi kò ní dúró dè é.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ *(lẹ́yìn ọjọ́ kẹta tí ó dáwọ́ dúró)*: Dókítà ti wá, ó fún un lóògùn sí ti òsì nìkan, èsì àyẹ̀wò kò tíì dé. Ọmú rẹ̀ kún, ó le bí ọsàn tí kò tíì pọ́n. Ṣé kí n fún díẹ̀?

Dókítà Ẹranko: Ṣé ó gbóná ju ara rẹ̀ lọ? Ṣé ó pọ́n? Ṣé ó ń jẹun, tí kò sì tiro? Bí ó bá kún lásán, ẹ fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ mélòó kan sí i, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gbóná tí ó sì ń dùn ún, ẹ má ṣe dúró, ẹ pe dókítà padà.

Nígbà tí ìbímọ bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ dá èèrí padà, ẹ̀kúnwọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó nǹkan bí ìdajì kílò lójúmọ́. Àwọn ọmọ yóò ti gba àyè nínú ikùn rẹ̀ nígbà náà, koríko nìkan kò sì ní tó o mọ́.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́: Kò gbóná, ó sì ń jẹun. N kò ní fọwọ́ kàn án. Bí èsì ti òsì bá dé, n óò mú un wá síbí.