Ṣé “àìlèsọ̀rọ̀” ni àfásíà?

Atúmọ̀ èdè, Èkó
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún ẹbí àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Níbi tí wọ́n ti dárúkọ àfásíà, ìyẹn ìṣòro èdè tí ìbàjẹ́ ọpọlọ ń fà, “àìlèsọ̀rọ̀” ni mo kọ. Ṣé ó bá a mu?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀yọ́
Ó bá a mu, ọmọ mi. Láti ọdún 1861 ni Broca, dókítà ará Faransé, ti fi hàn pé apá iwájú ọpọlọ la fi ń sọ̀rọ̀. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹni. Kí la tún ń wá kiri?

Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, Ìbàdàn
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọn. Leborgne, ọkùnrin tí Broca yẹ̀ wò, ti lo ọdún 21 ní ilé ìwòsàn Bicêtre lẹ́bàá Párísì. “Tan” ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ṣáá, títí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Broca bi í pé ọdún mélòó ló ti lò níbẹ̀, ó la ìka ọwọ́ rẹ̀ márààrún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó wá fi ìka kan lé e. Ó gbọ́ ìbéèrè, ó mọ ìdáhùn, ọ̀nà àbájáde ló dí. Nígbà tó kú ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, Broca rí ibi tó bàjẹ́ níwájú ọpọlọ rẹ̀ lápá òsì. Títí débẹ̀, ọ̀rọ̀ yín dúró.

Ní 1874 ni Wernicke, dókítà ará Jámánì, ṣàlàyé irú mìíràn. Ibi tó bàjẹ́ wà lẹ́yìn díẹ̀, nítòsí etí òsì, ọ̀rọ̀ sì ń ṣàn lẹ́nu aláìsàn. Mo bi obìnrin kan pé kí ló jẹ, ó ní, “Mo ti gbé àná sínú ilẹ̀kùn, ó sì gbóná dáadáa.” Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe yẹ, ìtumọ̀ ni kò sí. Mo ní kó fọwọ́ kan imú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹbí rẹ̀ ti gbà pé orí rẹ̀ ló dàrú. Bí wọ́n bá ka “àìlèsọ̀rọ̀”, wọn ò ní mọ̀ pé tiwọn là ń wí.

Oníṣòwò, Ìlọrin
Ẹ forí jì mí, ti ìtumọ̀ kọ́ ni tèmi. “Ó dáa” nìkan ni màmá mi ń sọ láti oṣù mẹ́jọ. Omi ni o, ẹ̀kọ ni o, “ó dáa” náà ni. Àmọ́ bí a bá dá orin ìjọ, wọ́n á kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dópin. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n kàn ń ṣorí kunkun ni.

Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, Ìbàdàn
Rárá o, kì í ṣe orí kunkun. Orin tó ti mọ́ni lára, òǹkà, àdúrà, èpè, ìwọ̀nyí sábà máa ń ṣẹ́kù, torí ẹnu kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ọ̀rọ̀ inú wọn. Leborgne náà máa ń búra bí inú bá bí i. Ẹ bi màmá ní ohun mẹ́wàá tí ẹ mọ ìdáhùn wọn, kí wọ́n fi orí dá yín lóhùn, kí ìdajì sì jẹ́ “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Ẹni tó bá ń gbà fún gbogbo rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má tíì gbọ́ yín yé. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nítòsí yín.

Akẹ́kọ̀ọ́, Lọ́ńdọ̀nù
“Ìfọ́-èdè” ńkọ́? Èdè ló fọ́.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀yọ́
Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ohùn, èdè fífọ̀ ni wọ́n á kà, ìyẹn sísọ ọ́ gan-an! Mo gbà pé “àìlèsọ̀rọ̀” kò tó. Ẹ wo “ìpàdánù èdè”.

Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, Ìbàdàn
Èdè Leborgne kò sọnù, bàbá, òun ló fi ìka ka ọdún yẹn. Irú àríyànjiyàn yìí ti wáyé rí. “Afemí” ni Broca pe àìsàn náà. Ní 1864, Trousseau, dókítà ará Faransé mìíràn, ní ìtumọ̀ burúkú ni ọ̀rọ̀ yẹn ní lédè Gíríìkì, ó fi “afasí” rọ́pò rẹ̀. Broca kò gbà, síbẹ̀ ti Trousseau ló dúró.

Nípa “ibẹ̀ la fi ń sọ̀rọ̀” tí ẹ wí, ọpọlọ Leborgne ṣì wà ní Párísì. Ní 2007, Nina Dronkers, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú rẹ̀. Ìbàjẹ́ náà wọ inú lọ jìnnà ju ojú ibi tí Broca tọ́ka sí, ó dé ara okùn tó so iwájú ọpọlọ mọ́ ẹ̀yìn. Broca kò la ọpọlọ náà, òde rẹ̀ ló wò.

Atúmọ̀ èdè, Èkó
Mo ti pa “àìlèsọ̀rọ̀” rẹ́. “Àfásíà, ìdílọ́wọ́ èdè nínú ọpọlọ” ni mo kọ báyìí.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀yọ́
Ìyẹn bá Leborgne mu. Ti obìnrin Ìbàdàn yẹn kò dí, ṣe ló ń ṣàn kọjá bèbè.

Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, Ìbàdàn
Ní tirẹ̀, ọ̀nà àbáwọlé ló dí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fi “àná” sípò oúnjẹ, “dí” kò gbé ìyẹn. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ kan tó kó àwọn méjèèjì pọ̀.