Ta ló ní kí a máa pe síkéèlì ní «ìsúnkì»?

«Mo kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán ilé pé ìsúnkì 1:100. Onílé, tí kò mọ àwòrán kà, ní ṣé ilé òun máa súnkì ni. Kí ni kí n pè é?»

Ayàwòrán-ilé: Onílé ò jẹ̀bi. Aṣọ ló ń súnkì, tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Àwòrán ilé, àwa la mọ̀ọ́mọ̀ yà á kéré. «Ìwọ̀n ìfiwé» ni mo máa ń kọ, ṣùgbọ́n mi kì í túmọ̀ rẹ̀ fún onílé. Rúlà ni mo máa ń gbé lé e lọ́wọ́, kó wọn yàrá tí a kọ 3600 sí. Mìlímítà ni 3600 yẹn. Yóò bá sẹ̀ǹtímítà 3.6 lórí ìwé. Mo ní: sẹ̀ǹtímítà kan níbí, mítà kan nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa fa ìlà mítà 3.6 sílẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, kó rìn ín wò.

Ọmọ Tíṣà: Ìsúnkì ò ní àléébù kankan. Sún ni, kì ni: ohun tó sún mọ́ra tó wá ki. Bàbá mi ló là á yé mi, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi kọ́ni ní Yorùbá.

Ìyá Àgbà: Àbúrò, ki ni ohun tó nípọn, kò lámì lórí. Kì lèyí, bí a ṣe ń kì òwú bọnú ìrọ̀rí. Bàbá yín ò jẹ́ ṣi ohùn yẹn pè. Ẹ̀yin lẹ ṣì í gbọ́.

Onílé Tuntun: Ẹ̀ ń jà lórí ohùn. Yàrá 3600 ni wọ́n yà fún mi, ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, 3350 ni mo bá. Ṣé ìsúnkì nìyẹn?

Ayàwòrán-ilé: Rárá o. Àárín ògiri sí àárín ògiri ni wọ́n wọ̀n. Búlọ́ọ̀kù oníínṣì mẹ́sàn-án fẹ̀ tó mìlímítà 225. Ìdajì lọ lọ́tùn-ún, ìdajì lọ lósì, ó ku 3375. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ló jẹ ìyókù. Ẹ máa wo ibi tí ìlà ìwọ̀n dúró, bóyá ojú ògiri ni tàbí agbedeméjì rẹ̀.

Ibi tí nǹkan ti ń súnkì lóòótọ́ ni fọ́tòkọ́pì. Bí wọ́n bá da àwòrán A3 sórí A4, 3.6 yẹn á di bíi 2.5. Bí bíríkìlà bá fi rúlà kọ́ ọ, mítà kan ti wọmi. Ohun tí a kọ sábẹ́ á ṣì máa jẹ́ 1:100, irọ́ ló sì ń pa. Nọ́ńbà tí a kọ sára ògiri ni kí wọ́n tẹ̀lé. Bí rúlà ò bá bá a mu, ìwé yẹn kì í ṣe ojúlówó.

Ọmọ Tíṣà: Ẹ ti fẹnu ara yín sọ pé ó ń súnkì!

Ìyá Àgbà: Ìwé ló súnkì. Mo ṣì ń dúró de èsì yín lórí *kì*.