Oníbàárà mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnì kan: báwo lẹ ṣe ń to gbèdéke àti owó?

Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ àwòrán àti títo ojú ìwé ni mò ń ṣe fúnra mi, oníbàárà mẹ́rin ni mo sì ní báyìí. Ọ̀kan ń gba iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, méjì lóṣooṣù, ẹ̀kẹrin ń pè mí nígbà tó bá wù ú. Mi ò tíì fi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni pẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ owó ló ń dà mí láàmú. Mo parí iṣẹ́ kan ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, àmọ́ iṣẹ́ ẹlòmíì ti wà nílẹ̀, ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ni mo tó ráyè fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́. 30 ọjọ́ la jọ sọ. Nígbà tí oṣù Kẹrin ń parí lọ, mo béèrè owó mi, wọ́n ní ó di ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún. Ṣé wọn ò máa rẹ́ mi jẹ báyìí?

Bọ̀dá Káyọ̀: Wọ́n ń rẹ́ ọ jẹ, àbúrò mi. Ọjọ́ tí o bá ti gbé iṣẹ́ fún wọn ni 30 ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Máa gba ìdajì owó kí o tó fọwọ́ kan iṣẹ́, kó gbogbo gbèdéke sínú kàlẹ́ńdà fóònù rẹ, ó tán.

Ìyá Ìbejì: Káyọ̀, òótọ́ ni ti àsansílẹ̀, èmi náà kì í bá oníbàárà tuntun ṣiṣẹ́ láìgbà á. Ṣùgbọ́n ti 30 ọjọ́ yẹn, ohun tó wà nínú àdéhùn ló ń sọ ibi tí wọ́n ti máa kà á. Àdùkẹ́, lọ wò ó fún mi: ṣé 30 ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́ ínfọ́ìsì ni wọ́n kọ, àbí lẹ́yìn ìparí oṣù?

Àdùkẹ́: Mà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i ni. “30 ọjọ́ lẹ́yìn ìparí oṣù tí ínfọ́ìsì bá wọlé.” Mi ò kíyè sí i rárá nígbà tí mò ń buwọ́ lù ú.

Ìyá Ìbejì: Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ká ní ínfọ́ìsì yẹn lọ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ìparí oṣù Kẹta ni wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, owó rẹ ì bá sì tó gbà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ló lọ, ìparí oṣù Kẹrin ni wọ́n wá ti ń kà, ìyẹn ló fi di ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ kan péré lo fi pẹ́, odindi 30 ọjọ́ ló bá a lọ. Wọn ò rẹ́ ọ jẹ.

Nítorí náà, ọjọ́ tí o fẹ́ kí owó wọlé ni kí o mú, kí o máa kà á padà sẹ́yìn. Àwọn oníbàárà oṣooṣù méjì yẹn, bá wọn sọ ọ́ kí gbèdéke wọn má ṣe kọjá ọjọ́ 22 tàbí 23. Àyè á wà fún àtúnṣe, ínfọ́ìsì á sì jáde kí oṣù tó parí. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí ínfọ́ìsì rẹ̀ ò tíì lọ kò tíì parí. Wákàtí tí mo máa fi kọ ọ́ wà lára àkókò iṣẹ́ náà gan-an, mi ò kí ń bẹ̀rẹ̀ ti ẹlòmíì kí n tó fi í ránṣẹ́.

Bàbá Tólú: Ẹ ṣeun mà. Èmi náà, ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò tíì san owó oṣù tó kọjá. Ṣé kí n fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́ sí wọn ni?

Ìyá Ìbejì: Rárá o, sà. Òṣìṣẹ́ wọn lẹ jẹ́, ìwé owó oṣù yín àti àdéhùn ìgbanisíṣẹ́ lẹ máa mú lọ bá ẹni tó ń bójú tó òṣìṣẹ́. Ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tiyín lọ́tọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n á dá yín lóhùn.

Àdùkẹ́: Mà, báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀? Kàlẹ́ńdà mi ti kún.

Ìyá Ìbejì: Ṣíìtì kan lórí kọ̀ǹpútà ni mò ń lò. Iṣẹ́ kan, ìlà kan. Má fi ìlà kan fún oníbàárà kan, torí ó lè san ti ẹ̀ẹ̀kejì kó má san ti àkọ́kọ́, o ò sì ní tètè rí i. Gbèdéke wà ní òpó B, ọjọ́ ínfọ́ìsì ní C, ọjọ́ tí owó yẹ kó wọlé ní D. Fún ẹni tó ń ka 30 ọjọ́ láti ọjọ́ ínfọ́ìsì, fọ́múlà àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ yìí ló máa wà ní D. Fún ẹni tó ń kà á láti ìparí oṣù, ìkejì ni:

```
=C2+30
=EOMONTH(C2,0)+30
```

E ni ọjọ́ tí owó wọlé lóòótọ́, F ni ọjọ́ ohun tó kàn tí mo máa ṣe lórí ìlà yẹn. F yìí ni mo fi ń to ṣíìtì náà ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí èyí tó sún mọ́ jù wà lókè. Mi ò kí ń fi F sílẹ̀ lófìfo àyàfi tí owó bá ti wọlé.

Ṣadé: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ọ̀nà tí ẹ ń gbà kọ ọjọ́. Mo kọ 3/4, ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ló wà lọ́kàn mi, ṣíìtì kà á sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹta. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń sin owó tí kò tíì tó gbà. 2025-04-03 ni mò ń kọ báyìí. Bí ọjọ́ bá sì lẹ̀ mọ́ apá òsì àpótí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tì í síbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni ṣíìtì kà á sí, kò ní bá yín ṣírò rẹ̀.

Ohun kejì, ínfọ́ìsì mi kan sùn sí ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo rò pé wọn ò fẹ́ san ni. Ìgbà tí mo pe àwọn akáúǹtì ni wọ́n sọ pé kò ní nọ́ńbà PO lórí, ìyẹn nọ́ńbà ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń gbé iṣẹ́ fúnni, wọn ò sì sọ fún ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi.

Ìyá Ìbejì: Ìdí nìyẹn tí F àkọ́kọ́ fi jẹ́ ọjọ́ kejì tí ínfọ́ìsì lọ. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ akáúǹtì fúnra wọn pé ṣé ó dé, ṣé ohunkóhun ò kù. Lẹ́yìn náà, F á sún sí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ owó. Àdùkẹ́, tìrẹ jẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún: béèrè bóyá ó ti wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ san. Bí owó ò bá wọlé ní ọjọ́ 30, kọ ímeèlì kúkúrú lọ́jọ́ 31, so ínfọ́ìsì mọ́ ọn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá tún kọjá, pè wọ́n, kí o sì béèrè ọjọ́ kan pàtó. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá ló máa di F tuntun.

Bọ̀dá Káyọ̀: Mo gbà pé mo ṣi 30 ọjọ́ yẹn kà. Ṣùgbọ́n mi ò ní pè wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, màá dá iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ dúró.

Ṣadé: Bọ̀dá, bí àdéhùn ò bá sọ pé ẹ lè dá a dúró ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ máa di ẹni tó yẹ gbèdéke.

Bọ̀dá Káyọ̀: Kí n wá máa ṣiṣẹ́ lọ láìgbowó?

Ìyá Ìbejì: Èmi máa ń parí èyí tó wà lọ́wọ́, mi ò kàn ní gba tuntun. Ó ti bọ́ sí i fún mi, ó sì ti mú mi pàdánù owó iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà rí, nítorí náà mi ò lè sọ pé Káyọ̀ ò tọ̀nà.

Àdùkẹ́: Mo ti kọ ọjọ́ 23 síbẹ̀. Ẹni kẹrin yẹn, tó ń pè nígbà tó bá wù ú, báwo ni mo ṣe máa dá gbèdéke fún un?