Ṣé ó yẹ ká tún owó àsansílẹ̀ ọjà òkèèrè ṣírò?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléeṣẹ́ tí mò ń yẹ ìwé wọn wò san dọ́là 50,000 sílẹ̀ fún ọjà tí kò tíì dé nígbà tí ọdún ìṣirò parí. Wọ́n fi iye dọ́là ọjọ́ ìparí ọdún tún un ṣírò, wọ́n sì kọ èrè ńlá. Mo ti wo ìwé báńkì àti àdéhùn. Lójú tèmi, ọjà ni wọ́n ń retí, kì í ṣe owó. Iye dọ́là ọjọ́ tí wọ́n sanwó ló yẹ kó dúró, bí ìlànà ìṣirò owó IFRIC 22 ṣe wí. Oníṣirò wọn ní àdéhùn sọ pé ẹni tó ń ta ọjà yóò dá owó padà bí ọjà ò bá dé. Ṣé gbólóhùn yẹn nìkan tó láti sọ owó àsansílẹ̀ náà di gbèsè owó tí ẹni tó ń tà jẹ iléeṣẹ́ náà? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.